Ẹ̀kọ́ Excel méjì lórí ayélujára: èwo ni kí ẹ sanwó fún?

Ẹ jẹ́ ká gbé irú àkọlé méjì tó wọ́pọ̀ ka iwájú. Èkíní ní: «Excel láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí 40». Èkejì ní: «Ẹ fi VLOOKUP àti PivotTable ṣírò ọjà tí ẹ tà lóṣù, Excel 2016 sókè, wákàtí 6». VLOOKUP ni fọ́múlà tó ń wá nǹkan nínú àtẹ, PivotTable sì ń kó àkọsílẹ̀ púpọ̀ jọ ní ṣókí. Wákàtí 40 yẹn ló ń wọni lójú, àmọ́ èkejì nìkan ló sọ iṣẹ́ tí ẹ ó lè ṣe tí ẹ bá kẹ́kọ̀ọ́ tán.

Àpèjúwe abẹ́ àkọlé ni kí ẹ wá kà dáadáa. Tí ti èkíní bá ní «ẹ ó mọ̀ nípa VLOOKUP», kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó dára yóò ní «ẹ ó lè fa iye owó ọjà wá láti inú àtẹ mìíràn, ẹ ó sì mọ ìgbà tó bá gbé owó tí kò tọ́ wá». Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń gbani lọ́wọ́ àdánù. Ẹ wo àtẹ yìí: nọ́ńbà ọjà 101, 103 àti 105 wà ní A2 dé A4, iye owó wọn sì wà ní C. Ká ní ẹni tó ń tajà ṣèèṣì tẹ 104, tí kò sí níbẹ̀:

```
=VLOOKUP(104,A2:C4,3)
=VLOOKUP(104,A2:C4,3,FALSE)
```

Ìlà àkọ́kọ́ á gbé owó ọjà 103 wá láìsí ìkìlọ̀ kankan, torí pé tí a kò bá kọ FALSE, Excel á mú nọ́ńbà tó kéré sí i tó sì súnmọ́ ọn jù. Ìkejì á kọ #N/A, ẹ ó sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà ò sí.

Ẹ wo irú Excel tí wọ́n fi ń kọ́ni pẹ̀lú. XLOOKUP, fọ́múlà tuntun tó ń ṣe iṣẹ́ VLOOKUP, kò sí nínú Excel 2016 àti 2019; #NAME? ni ẹ ó máa rí. Ó wà nínú Excel 2021, Microsoft 365 àti Google Sheets, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Excel elédè Faransé ní Kútọnu tàbí Lomé, RECHERCHEV ni VLOOKUP ń jẹ́ lọ́dọ̀ yín, àmì «;» ló sì sábà máa ń dípò kọ́mà.

Ẹni tí kò tíì tẹ fọ́múlà rí lè mú èkíní, torí èkejì á yá jù fún un. Ẹni tó ti ń ṣe àròpọ̀, èkejì ni tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo fídíò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi síbẹ̀: tí olùkọ́ bá kọ VLOOKUP tí kò sì sọ ìdí tí FALSE fi wà níbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.