Etí ló ń dùn mí, eyín ni wọ́n tọ́jú: rúùtù kánà tí mo ṣe

Etí ni mo gbé lọ han dókítà o, kì í ṣe eyín. Tó bá ti dalẹ́, tí mo bá ti gbórí lélẹ̀ báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti páárì lápá òsì, á gba abẹ́ etí wọnú etí lọ, á wá máa sọ kì kì kì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kán oògùn sí i, kò gbọ́. Nígbà tí dókítà etí tan iná wò ó, ó ní inú etí mọ́ tónítóní, ló bá bi mí bóyá mo ní eyín tó ti jẹrà lápá ibẹ̀.

Mo ní in lóòótọ́. Bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, tí omi tútù bá kan eyín ẹ̀yìn yẹn ó máa ń ta mí bí iná, ó sì máa pẹ́ kó tó lọ, nígbà tó yá ó dákẹ́ fúnra ẹ̀, èmi rò pé ó ti san ni. Àṣé ẹran rírọ̀ inú eyín ló kú, tí kòkòrò wá gba ihò gbòǹgbò sọ̀kalẹ̀ lọ di ọyún sínú egungun.

Dókítà eyín fi òwú tó tutù bíi yìnyín kan án, mi ò mọ nǹkan kan. Ó fi ìdí irin kékeré gbá a pẹ́rẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Ẹ́síréè fi òjìji dúdú kan hàn nídìí gbòǹgbò, ibi tí ọyún ti jẹ egungun nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú ẹnu mi kú ló jẹ́ kí n gbà pátápátá. Bí ètè mi ṣe ń kú lọ ni etí náà ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan etí. Dókítà ní, "Ẹ ò rí i? Iṣan kan náà ló ń gbé ìrora eyín ìsàlẹ̀ àti ti iwájú etí lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ ò wá mọ ibi tó ti ń wá."

Rúùtù kánà, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín mọ́ kí wọ́n tó dí i, ló wá kàn. Wọ́n ta rọ́bà yí eyín ká, wọ́n lu ihò sí i, ọyún tú jáde tòun ti òórùn, ara sì tù mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbòǹgbò ní ihò mẹ́ta, wọ́n fi irin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní fáìlì ha á, wọ́n fi omi apakòkòrò fọ̀ ọ́, wọ́n koògùn sí i, wọ́n dí i fúngbà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo padà lọ kí wọ́n tó dí i pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè fi ibẹ̀ jẹun dáadáa.

Mo ti kọ́kọ́ lo antibáyótíìkì tẹ́lẹ̀, ó rọlẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún ó tún dé, torí ẹ̀jẹ̀ ò dé inú eyín tó ti kú mọ́, oògùn náà ò lè débẹ̀. Tí abẹ́ páárì bá wá wú, tí ẹ ò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín o, ọsibítù lóru yẹn náà ni.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé màá ṣe kíráùn, ìyẹn adé tí wọ́n fi ń bo eyín, lé e, àfìgbà tí ẹ̀gbẹ́ eyín náà kán díẹ̀ lójọ́ tí mò ń jẹun. Mo ti ṣe é báyìí, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn.