Ìwé Ìpìlẹ̀ Ètò Afẹ́fẹ́ fún Wọ́ọ̀dù Oníbẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn. Nígbà tí a fẹ́ tún wọ́ọ̀dù kan ṣe, àwọn ẹ́ńjíníà tí a gbà fi ìwé kan ránṣẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán: iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ yàrá yóò máa pààrọ̀ ní wákàtí, irú fílítà tí a ó lò, àti ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ amúlétutù ara ògiri kì í mú afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ti inú yàrá náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì ń tú padà. Àwọn ọ̀gá wa ti rò pé mẹ́rin irú rẹ̀ ti tó, ẹ ò rí nǹkan!

Ibi ìṣirò ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́ọ̀dù náà gùn ní mítà 9, ó fẹ̀ ní 6, ó ga ní 3, ìyẹn 162 kúbíìkì mítà. Wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ ìta pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà ní wákàtí, tó jẹ́ lítà 270 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó dáa lójú, àmọ́ ẹ pín in fún aláìsàn mẹ́fà: 45 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó tó 60. Bí yàrá ṣe tóbi tó ni iye ìpààrọ̀ ń wò, kò mọ iye ẹni tó sùn síbẹ̀. Mo kọ ọ́ sétí ìwé, wọ́n sì gbé e dé mẹ́jọ, tó bá 60 mu gẹ́lẹ́.

Ní ti fílítà, hẹ́pà, irú èyí tó ń sẹ́ ohun tó kéré jọjọ, ni àwọn ọ̀gá ń pariwo. MERV ni ìwọ̀n bí fílítà ṣe ń sẹ́ nǹkan tó, bó bá ṣe pọ̀ sí ló ń sẹ́ dáadáa sí. Ìwé náà yan MERV 8 síwájú, MERV 14 tẹ̀lé e, mo sì gbà fún wọn. Afẹ́fẹ́ ìta ni fílítà yìí ń sẹ́, eruku àti èéfín ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá mí tàbí tó húkọ́ sínú yàrá, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ló ń kó o lọ. Hẹ́pà ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù á ní láti lágbára sí i, owó iná á sì gòkè.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò sọ ìgbà tí a ó pààrọ̀ fílítà. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí i láìpariwo, afẹ́fẹ́ ìta tó ń gbà á wọlé á sì dín kù. Fáànù ìfàsíta ò ní dúró, afẹ́fẹ́ ọ̀nà àárín á wá máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìsẹ́. Ẹ fi bébà tíṣù síbẹ̀, bó bá ń fẹ́ wọnú wọ́ọ̀dù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ lọ yẹ fílítà wò. Mo ti ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fílítà, kí a lè mọ̀ bó bá ti dí.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Wọ́n ní kí a ṣí fèrèsé. Ojú ewé tó ṣáájú ìyẹn ló ní kí a fi gíláàsì tí kò ṣeé ṣí dí gbogbo fèrèsé. Mo ti dá ìwé náà padà kí wọ́n mú ọ̀kan.