Kóòdù orí fóònù àbí kọ́kọ́rọ́ ààbò?

Ní Kétu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣàdédé kúrò lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi kan. Ó rò pé iná ló lọ. Àṣé ẹnìkan ti fi ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú gba síìmù tuntun sórí nọ́ńbà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ olè ni gbogbo kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kó lè wọ àkáǹtì rẹ̀ ń wọlé sí.

Kọ́kọ́rọ́ ààbò, ohun tó rí bíi fúláàṣì kékeré tí ẹ lè fi wọ àkáǹtì dípò kóòdù, kò mọ nọ́ńbà rárá. Àṣírí inú rẹ̀ kì í jáde. Ojúlé wẹ́ẹ̀bù ayédèrú lè tàn yín gba kóòdù, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn.

Kọ́kọ́rọ́ náà máa ń sọnù o, nítorí náà ẹ ra méjì. Ẹ sì yọ nọ́ńbà kúrò nínú àkáǹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olè á tún béèrè kóòdù.