Àgbéyẹ̀wò 2442: ìdí tí kóòdù ìwọlé kì í fi í dé sórí nọ́ńbà kan

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún 2442, nọ́ńbà tí a ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí láti dá ìpolówó dúró lórí fóònù. Ìwọ̀nba ló ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí kóòdù kò bá dé sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, òun ni mo máa kọ́kọ́ bi kí n tó bi ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà tí mo fi dán an wò jẹ́ ti àǹtí mi tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Wọ́n ra fóònù tuntun, áàpù tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà sì ní kí wọ́n tẹ kóòdù tí òun fi ránṣẹ́. Kóòdù kò wá. Ẹ wo ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀: ìpè ń wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn ọmọ wọn ń wọlé, àlẹ́ẹ̀tì báńkì gan-an ń wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ fi fóònù àti síìmù sílẹ̀, wọn ò ṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ti fẹ́ yí nọ́ńbà message centre padà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, nítorí ìgbà tí a bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nìkan ni fóònù ń lo ìyẹn, kò kan èyí tó ń bọ̀.

Ọdún 2016 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí 2442 wà fún ẹni tí ìpolówó ti sú. Ẹni tó bá fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀ ti wọ DND, ìyẹn Do Not Disturb, ètò tó ń dínà ìpolówó, pátápátá nìyẹn. Láti ìgbà náà, àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wá, tó gbé orúkọ dání dípò nọ́ńbà, gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdúnàádúrà wọlé. Báńkì ń sanwó ọ̀nà yẹn, ìdí nìyẹn tí àlẹ́ẹ̀tì fi ń dé. Áàpù tó bá gba ọ̀nà ìpolówó nítorí pé ó dínwó, ẹnu ibodè ni kóòdù rẹ̀ ń kú sí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ lè rí i lójú ẹ̀rọ tirẹ̀ pé DND ló dá a padà. Àwa tí a ń dúró kò ní rí nǹkan kan.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ àǹtí, mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí 2442:

```
STATUS
```

Èsì tó padà wá ni pé nọ́ńbà náà wà lórí DND pátápátá. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn oníṣẹ́ orin ìpè ló fà á. Mo fi ALLOW ránṣẹ́, a dúró kí èsì dé, a tún béèrè kóòdù, ó wọlé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìpolówó ya bò ó lè fi HELP ránṣẹ́ síbẹ̀ kan náà, kó wo ìsọ̀rí tó lè gbà láyè. Ẹ má sì máa tẹ bọ́tìnnì kóòdù léraléra o: ọ̀pọ̀ áàpù máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ni fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀ẹ́ sì wá rò pé DND ló tún dé.

Ibi tí 2442 kò lè dé ni áàpù kejì, ti òkè òkun. Kóòdù tirẹ̀ kò dé síbẹ̀síbẹ̀. Àǹtí ti gbé nọ́ńbà wọn kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti kọ́kọ́ wà, èyí tí a ń pè ní pọ́ọ̀tù, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 2013. Lẹ́yìn pọ́ọ̀tù, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 lè má sí lọ́dọ̀ MTN mọ́, 0805 náà lè ti kúrò lọ́dọ̀ Glo. Àwọn tó ń bá áàpù pín àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé wò kí wọ́n mọ ibi tí nọ́ńbà wà báyìí. Èyí tó bá ń fi ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà nìkan dájọ́ yóò gbé kóòdù lọ sí ilé tí onílé ti kó kúrò. Láti mọ̀, ẹ wo orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè ojú fóònù, kí ẹ fi wé ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà. Bí wọn ò bá bára mu, pọ́ọ̀tù ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

A yàn kí áàpù pè wá dípò kó kọ̀wé, ohùn kan sì ka kóòdù náà. Mo tún kọ̀wé sí àwọn aláàpù pé nọ́ńbà náà ti pọ́ọ̀tù, mo sì dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà báyìí, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àtúnṣe wà. Kí n tó kọ ọ́, mo wò ó pé +234 ni a kọ, láìfi òdo sí i lẹ́yìn.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: 2442 kì í sọ fún ẹni tó ni nọ́ńbà pé òun ti dá àtẹ̀jíṣẹ́ kan padà. Bí ẹ ò bá fi STATUS béèrè, ẹ ò ní mọ̀.