Ìwé kíkà "láti Páítọ̀nù dé àlígọ́rídímù" tí mo rà l'Ádó: ẹ wá gbọ́ tèmi

Ìbínú ló gbé mi dé'bí o, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Mo san 7,500 náírà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà kan l'Ádó-Èkìtì fún àkójọ ìwé kíkà, fún ẹni tó ti mọ luùpù, fọ́ńṣọ̀n àti lísìtì, tó wá fẹ́ wọnú dátà sítírọ́kíṣọ̀, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tí kóòdù ń gbà to dátà pa mọ́. Fótókọ́pì ni wọ́n dì pọ̀. Mo délé, ojú ewé 40 parí, 57 ló tẹ̀ lé e! Mo padà lọ, bọ̀dá tó wà ní kọ́ńtà ní bí wọ́n ṣe kó o wá làwọn ṣe ń tà á. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní íńkì tán. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ jẹ iyán, mo dúró nínú oòrùn títí, nígbà tó dé ó tún ń bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti pẹ́?"

Ni mo bá fo ojú ewé yẹn. Mo wọnú línkìdì lísìtì, nóòdù ń tọ́ka sí nóòdù, mo dà á kọ pátápátá, àmọ́ ká ní ẹ bi mí pé kí ló wà fún, mi ò lè dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá rèé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe píóèsì ní kí n wá ìdúnàádúrà tó wà nínú ìwé tiwa tí kò sí nínú ti báǹkì. Fáìlì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà ìdúnàádúrà bí 60,000. Mo kọ ọ́:

```python
for r in tiwa:
    if r not in banki:
        print(r)
```

Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ló gbà, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró lẹ́yìn mi ó ń pòṣé. Mo gbé e lọ bá àǹtí tó ń kọ́ wọn níbẹ̀, àǹtí yìí ni kò jẹ́ kí n bá wọn jà. Kò fọwọ́ kan kóòdù mi rárá. Ó ní "àbúrò, kọ́kọ́ lò ó fún 15,000 láti inú fáìlì kọ̀ọ̀kan, kọ iye àkókò tó gbà sílẹ̀, lẹ́yìn náà 30,000." Ìṣẹ́jú àáyá 9, lẹ́yìn náà 37, 60,000 sì jẹ́ 151. Ó ní kí n wò ó dáadáa: dátà di ìlọ́po méjì, àkókò di ìlọ́po mẹ́rin. Torí lísìtì ni `banki`, Páítọ̀nù ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè ní gbogbo ìgbà tó bá ń wá nọ́mbà kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi rí i. Ó ní kí n lo `set`, tó máa ń ṣírò ibi tí nǹkan wà láti ara nǹkan yẹn fúnra rẹ̀, tó sì máa ń lọ síbẹ̀ tààrà.

Inú mi dùn, mo yára kọ `if r not in set(banki)`, ó wá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Àǹtí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ni mo ń kọ́ ilé tuntun, ìgbà 60,000! Ó ní kí n dá `if r not in banki` padà bó ṣe wà, kí èyí sì wà lókè luùpù:

```python
banki = set(banki)
```

Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò tíì mí síta tó fi parí. Mo pariwo ní kíláàsì.

Ó kìlọ̀ fún mi sá o: `set` kì í tọ́jú ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí nọ́mbà kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì ẹyọ kan ló máa kù, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n yọ owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, `dict` ni kẹ́ ẹ fi ka iye ìgbà. Ẹ ò sì lè fi odindi lísìtì ṣe ẹyọ kan nínú `set`, `TypeError` tó ní `unhashable type: 'list'` nínú ni yóò fún yín.

Ẹ ò ní gbàgbọ́: ohun tí àǹtí fi hàn mí yẹn gan-an, kíka iye ìṣísẹ̀ tí kóòdù ń gbé bí dátà ṣe ń pọ̀ sí i, ló wà nínú ojú ewé 41 sí 56 tí wọn ò fún mi! Àǹtí ló yá mi tiẹ̀. Lẹ́yìn tí mo kà á, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Mo dé ibi kíú, ìlà tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ti ń kọ́kọ́ jáde, mo rí i fúnra mi pé `pop(0)` lórí lísìtì máa ń sún gbogbo ìyókù síwájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo `popleft()` ti `deque`. Línkìdì lísìtì wá ní ìtumọ̀, torí bí ẹ bá yọ ti iwájú níbẹ̀, ìyókù kì í sún. Nítorí náà ètò tí wọ́n fi to ìwé yẹn dára gan-an: kíka ìṣísẹ̀, lẹ́yìn náà `set` àti `dict`, kíú àti línkìdì lísìtì, ríkọ́ṣọ̀n tí fọ́ńṣọ̀n ti ń pe ara rẹ̀, wíwá àti títò, igi gbẹ̀yìn. Ríkọ́ṣọ̀n nìkan ló kánjú, àpẹẹrẹ méjì péré, ó yẹ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹni tó fẹ́ rà á kó ka ojú ewé níwájú bọ̀dá yẹn kó tó sanwó.