Àgbéyẹ̀wò ìyẹ̀fun sítíríìkì alápò kílò kan tí mo rà ní Pẹ́kàmù

Ẹni tó kọ “ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú” sí ara àpò yìí kò fọ ẹ̀rọ omi rí láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, ẹ sì jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé là ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí ayálégbé ti fẹ́ kó jáde ni wọ́n sábà máa ń pè wá sí, níbi tí ẹ́jẹ́ǹtì á ti máa fi ìka nu ẹnu ẹ̀rọ bí ẹni ń wá ẹ̀ṣẹ̀. Èépá funfun ni wọ́n ń wá. Omi ìlú yìí ń gba inú òkúta ẹfun kọjá kó tó dé ilé wa, ó sì ń kó ẹfun dání bọ̀. Bí ẹ bá se é, atẹ́gùn tó ń mú kí ẹfun yòrò nínú rẹ̀ á fò lọ, ẹfun á sì jókòó sí ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Èépá náà nìyẹn, ìyẹ̀fun sítíríìkì, tó jẹ́ ásíìdì, la sì fi ń bọ́ ọ. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi, orí akọ òkúta ni ìlú náà wà, n kò sì rí irú èyí nínú ìkòkò ìyá mi rí. Ohun tí mò ń wí á tètè yé ará Ewékorò tàbí Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ńtì.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló lo àpò tuntun náà, èmi wà ní ilé mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ aláwọ̀ wúrà ló wà ní balùwẹ̀ ilé tó lọ, èépá ti gbá ìdí rẹ̀ mú. Ó ka ìwé ara àpò dáadáa, ọmọ tó máa ń ka nǹkan ni: ẹ po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná, ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ wé e mọ́ ẹ̀rọ, ẹ fi náílọ́ọ̀nù dì í, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ilé ṣófo, kò sí ẹni tí yóò dí lọ́wọ́, ó dì í, ó tilẹ̀kùn, ó lọ sùn.

Ìgbà tó máa tú aṣọ yẹn láàárọ̀, èépá ti lọ. Wúrà náà ti bá a lọ. Níbi tí aṣọ fara kan án jù, ó ti di tóótòòtó dúdú, idẹ pupa ti ń yọjú láàárín wọn, ìlà kan sì yí ẹ̀rọ náà ká gẹ́lẹ́ níbi tí etí aṣọ wà. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí, ara irin náà ti dá kòtò. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ó ní, “Àǹtí, ohun tí wọ́n kọ ni mo ṣe o.” Òótọ́ ló sọ. Onílé ní àfi kí a ra tuntun.

Mo gbé àpò àti fọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà, ọmọ Yorùbá ni, ó rí ojú mi, ó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú mà. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín fún wa o.” Mo ní ṣé àwọn tó ń yìn ín ní ẹ̀rọ aláwọ̀ wúrà. Ó ní òun ò mọ̀, ó lọ pe máníjà. Máníjà jáde, ó wo fọ́tò, ó ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ásíìdì ń jẹ irin. Mo ní tí gbogbo ayé bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ pé kó sùn mọ́ ọn? Ó ní kì í ṣe àwọn ló kọ ọ́, àwọn tó ń dì í sápò ni. Ó tọ́ka sí nọ́ńbà fóònù kan tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ àpò, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà.

Mo pe nọ́ńbà náà níwájú rẹ̀, mo sì tan ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa gbọ́. Orin lọ, orin bọ̀. Arábìnrin kan gbé e, ó ka ohun tó wà lára àpò sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ara ọsàn wẹ́wẹ́ ni nǹkan náà ti wá, ohun àdáyébá kì í pa irin lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bojú. Ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́, màmá! Èbu dúdú kan tí wọ́n ń fi ṣúgà bọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láyé òde òní. Kódà kó jẹ́ pé inú ọsàn ni wọ́n ti fún un lóòótọ́, kí ẹ fi ọsàn wé idẹ mọ́jú kí ẹ wá wò ó.

Ohun tó yẹ kó wà lára àpò nìyí. Ẹ̀rọ tí kuróòmù dídán wà lára rẹ̀: ìṣẹ́jú 10 sí 15, ó pọ̀ tán. Ẹ tú u, ẹ ṣan án, ẹ wò ó, bí èépá bá kù, ẹ tún fi ásíìdì tuntun dì í fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan náà. Kuróòmù yẹn tín-ín-rín gan-an, níkẹ́ẹ̀lì ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí nǹkan bá ti ha á tẹ́lẹ̀, ásíìdì á gba ojú ibi tó ha náà wọlé. Fínígà náà kò yàtọ̀ níbí, àwọn tó ń sọ pé “fínígà lásán ni” ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Aláwọ̀ wúrà, aláwọ̀ dúdú, oníníkẹ́ẹ̀lì: ọṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, aṣọ gbígbẹ, kò sí ásíìdì rárá. Àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ni kí ẹ tú kúrò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ife lọ́tọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 30, torí inú rẹ̀ gan-an ni èépá ń dí sí tí omi fi ń fọ́n ká. Bí máábù bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ tẹ́ tówẹ̀lì lé e, nítorí ẹfun ni òun náà, ẹ̀kán kan ti tó láti pa dídán rẹ̀ kú. Kí ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì wà nítòsí. Bí méjèèjì bá pàdé, èéfín olóró ló ń jáde.

Ìbínú mi parí síbẹ̀, torí ti kẹ́tùlù yàtọ̀.

Ẹ wo kẹ́tùlù ilé mi, onírin tí kì í dípẹtà, èépá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti nípọn tó fi ń ró gbì-gbì bó bá ń hó. Mo se omi lítà kan, mo pa á, mo jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, mo wá da ìyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun ńlá 2 sí i, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sómi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, á ru sókè, á sì da sí yín lọ́wọ́. Ó ń hó ṣìì bí ẹ̀lẹ́rìndòdò. Ní ìṣẹ́jú 20, ìsàlẹ̀ ti ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo dà á nù, mo ṣan án, mo se omi mímọ́, mo da ìyẹn náà nù, mo po tíì. Tíì náà kò kan rárá.

Fínígà á ṣe é o, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Kí èépá gíráàmù 20 tó yòrò tán, ó ń fẹ́ sítíríìkì bíi gíráàmù 26. Fínígà tó wà ní ọjà, ásíìdì ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi ìdá 5 nínú 100, nítorí náà bíi ìdajì lítà ni yóò gbà láti jẹ èépá kan náà tán, á sì pẹ́ bíi wákàtí kan. Ká má tíì sọ ti òórùn. Bí ẹ bá wá gbé fínígà kaná, gbogbo ilé á máa wúkọ́.

Mo rí i tí àwọn kan ń kùn pé ìyẹ̀fun yìí tún fi funfun mìíràn kún kẹ́tùlù àwọn. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi ásíìdì náà sórí iná kó máa hó. Sítíríìkì àti ẹfun ń di iyọ̀ kan tí omi gbígbóná kì í lè yòrò tó bí omi tútù ti lè ṣe. Bí ó bá pọ̀ nínú omi tó ń hó, á yọ jáde, á sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ da ásíìdì tuntun díẹ̀ sí i lórí. Bí ó bá hó ṣìì, èépá àtijọ́ ni. Bí kò bá ṣe nǹkankan, iyọ̀ yẹn ni: ẹ da ásíìdì tuntun pọ̀ mọ́ omi tútù sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rọra gbá a. Nítorí náà, ẹ má tan kẹ́tùlù nígbà tí ásíìdì wà nínú rẹ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, inú mi ti ń rọ̀. Máníjà dá owó àpò padà fún mi láìjanpata, ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ onílé, àwa la san án, àwọn tó ń dì í sápò kò tíì fèsì sí lẹ́tà mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin káńtà ló wú mi lórí. Ó ti fi páálí kọ ìkìlọ̀ sí iwájú igbá ìyẹ̀fun náà, ní Gẹ̀ẹ́sì lókè, ní Yorùbá nísàlẹ̀: “Ẹ̀rọ omi, ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe mọ́jú.” Ó ní, “Mà, ẹ wò ó bóyá ó tọ̀nà.” Mo ní kó fi ti aláwọ̀ wúrà kún un, ó mú bírò, ó kọ ọ́ lójú mi. Bí ẹ bá lọ, òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ fi máníjà sílẹ̀ síbi tó wà.

Ìwé ara àpò ṣì wà bó ṣe wà, wọ́n ṣì kọ “mọ́jú” síbẹ̀ gàdàgbà, àpò náà kì í sì í dì padà dáadáa, ìyẹ̀fun á fa ọ̀rinrin, á di òkúta. Ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Mo ti ra àpò méjì mìíràn.