Àsansílẹ̀ àti gbèsè dọ́là: èwo là ń yí sí iye tuntun?

Ní ilé iṣẹ́ akẹ́rùwọlé kan ní Ṣàgámù, mo bá àsansílẹ̀ dọ́là 10,000 fún ẹrù tí kò tíì dé, àti gbèsè dọ́là 10,000 lórí èyí tó ti dé. Náírà 900 ni wọ́n fi ṣírò méjèèjì. Nígbà tí ọdún parí, dọ́là ti di 1,500.

Akáúńtáǹtì yí méjèèjì sí iye tuntun. Èrè mílíọ̀nù 6 pa àdánù mílíọ̀nù 6 rẹ́. Òdo yẹn ló jẹ́ kí n fura.

Ẹrù ni àsansílẹ̀ máa mú wá, kì í ṣe owó, torí náà mílíọ̀nù 9 ló ń jẹ́. Owó la ó fi san gbèsè: ó ti di mílíọ̀nù 15, àdánù náà sì ti wọ ọdún yìí. Àfi bí olùtajà òkèèrè bá fẹ́ dá àsansílẹ̀ padà ní dọ́là. Ìgbà yẹn ló tó di owó. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé àdéhùn wá.